Ṣáàtì 14 lójú ìwé kan, ọ̀gá kílíníìkì kò wò ó mọ́: èwo ni kí n yọ, èwo ni kí n fi sókè?

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù ní kílíníìkì aládàáni kan ní Ìbàdàn. Dókítà 2 ló wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì 6, láàbù kékeré kan àti fámásì. Aláìsàn bíi 45 ló ń wá lójúmọ́. Ọ̀gá wa obìnrin tó ń darí kílíníìkì náà ní kí n ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù fún òun, ìyẹn ojú ìwé kan tí òun á ti máa rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ṣe é sórí Google Sheets, ṣáàtì 14 ló wà lórí rẹ̀. Ó wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, láti ìgbà náà kò ṣí i mọ́. Èwo ni kí n fi sílẹ̀ nínú wọn, báwo ni kí n sì ṣe tò wọ́n?

Túndé Ẹlẹ́kọ̀ǹpútà
Ọ̀rẹ́ mi, 14 ti pọ̀ jù. Má jẹ́ kó ju 6 lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà mi ni pé mo máa ń lo èyí tó rí bíi mítà iwájú ọkọ̀, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ á máa tọ́ka sí àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè tàbí pupa. Ọ̀gá á kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ti mọ̀ bóyá nǹkan dára. Ohun tó jẹ mọ́ ọkùnrin àti obìnrin, fi ṣáàtì rìbìtì ṣe é, kó sì ní àwọ̀ tó ń dán.

Ìyá Ìsirò
Adérẹ́kọ́ọ̀dù, má tíì yọ ohunkóhun. Ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín kó o jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mú ìwé kan dání, kó o kọ gbogbo ohun tó bá pinnu sílẹ̀: ẹni tó pè, ohun tó ní kí wọ́n rà, ẹni tó ní kó wá síṣẹ́, ẹjọ́ tó dá. Lẹ́yìn náà, mú ṣáàtì rẹ kọ̀ọ̀kan, kó o bi ara rẹ pé: bí nọ́ńbà inú èyí bá di ìlọ́po méjì lọ́la, kí ni obìnrin yìí máa ṣe tí kò ṣe lónìí? Bí o kò bá rí ìdáhùn, ṣáàtì náà kò ní iṣẹ́ lójú ìwé yẹn. Tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn, torí ó lè wúlò fún ìròyìn ìparí ọdún.

Túndé, òótọ́ lo sọ pé 14 pọ̀. Ṣùgbọ́n mítà ọkọ̀ yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Á gba ìdá kan nínú mẹ́rin ojú ìwé, nọ́ńbà kan ṣoṣo lá sì sọ, kò ní sọ bóyá ọ̀sẹ̀ tó kọjá dára jù báyìí lọ. Awakọ̀ nílò bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú yìí gan-an, alábòójútó kílíníìkì nílò ibi tí nǹkan ń lọ. Ti ṣáàtì rìbìtì, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Cleveland àti McGill, dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ní 1984. Wọ́n rí i pé ojú ènìyàn máa ń fi òye mọ ìyàtọ̀ dáadáa bí àwọn nǹkan bá tò sórí òṣùwọ̀n kan náà, bí ọ̀pá tó dúró lórí ilẹ̀ kan. Bó bá di igun inú róbótó, àṣìṣe á pọ̀ sí i. Fi 27 àti 31 sínú ṣáàtì rìbìtì kó o wò ó bóyá wàá mọ èyí tó tóbi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n kan kọ́ sí gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, kó máa gbé nọ́ńbà ẹni tó kàn jáde. Kílíníìkì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ṣe é bẹ́ẹ̀, ariwo dínkù gan-an. Wọ́n ń fún èèyàn ní tíkẹ́ẹ̀tì tí aago wà lára rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀gá ni mò ń ṣe, kì í ṣe ti àwọn aláìsàn. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí aago wà lára rẹ̀ yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Nísinsìnyí nọ́ọ̀sì ló ń fi ọwọ́ kọ ìgbà tí aláìsàn dé.

Ìyá Ìsirò, mo ti ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Mo jókòó láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 1 ọ̀sán. Ohun mẹ́rin ló pinnu. Ó mú nọ́ọ̀sì kan kúrò ní ọ̀sán sí àárọ̀. Ó pe ẹni tó ń kó oògùn wá, torí oògùn ibà tán ní Sátidé. Ó pe iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera kan lórí owó tí wọn kò tíì san. Ó sì bẹ obìnrin kan tó bínú pé òun dúró fún wákàtí méjì. Nínú ṣáàtì 14, mọ́kànlá kò kan èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Ọjọ́ orí àwọn aláìsàn, àdúgbò tí wọ́n ti wá, irú àìsàn, ọkùnrin àti obìnrin, kò fi ìkankan ṣe nǹkan kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò ní kọ̀ǹpútà lórí tábìlì rẹ̀. Orí fóònù ló ti ń ṣí i. Mo gba fóònù náà wò: ṣáàtì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn kéré bí ẹyin èèrà. Ó ní láti fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, kó tún máa tì í lọ sí ọ̀tún àti òsì.

Ìyá Ìsirò
O ti rí i báyìí. Ìdí tí kò fi ṣí i mọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ. Ojú fóònù lo ń tò nǹkan sí, nítorí náà òpó kan ṣoṣo, látòkè délẹ̀. Ohun tó bá wà lójú kó tó fi ìka tì í sókè, òun ni dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an. Ìyókù jẹ́ àfikún.

Ìpinnu mẹ́rin lo kà fún mi: ìṣètò òṣìṣẹ́, oògùn, gbèsè, ìdúró. Mo máa fi ìdúró àti iye aláìsàn ṣíwájú, oògùn tẹ̀lé e. Ká sọ ti gbèsè lẹ́yìn. Àmọ́ kí a tó ya ohunkóhun, báwo lo ṣe ṣírò ìdúró? Fún mi ní nọ́ńbà gidi, bó ti wà nínú ìwé.

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Èyí ni ti àwọn tó wọlé láàárín aago 9 sí 10 ní Túsìdeè, láti ìgbà tí wọ́n gba káàdì títí wọ́n fi rí dókítà tí wọ́n sì parí pẹ̀lú rẹ̀, ní ìṣẹ́jú: 15, 18, 20, 22, 25, 28, 31, 95, 140. Dáṣíbọ́ọ̀dù mi kọ 44 síbẹ̀.

Túndé Ẹlẹ́kọ̀ǹpútà
44 náà dára nígbà náà. Áfẹ́réèjì ni gbogbo ibi tí mo mọ̀ ń lò. Bó bá kọjá 45 ni kó di pupa.

Ìyá Ìsirò
Túndé, wo àwọn mẹ́sàn-án yẹn dáadáa. Ta ló dúró fún ìṣẹ́jú 44 nínú wọn? Kò sí. Méje lára wọn lọ láàárín ìṣẹ́jú 31, méjì dúró kọjá wákàtí kan àtààbọ̀. Áfẹ́réèjì pò wọ́n pọ̀, ó wá gbé ẹnì kan jáde tí kò sí nínú kílíníìkì. Bí ọ̀gá bá rí 44, á rò pé gbogbo ènìyàn ló ń pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á wá fi nọ́ọ̀sì kún gbogbo àárọ̀. Ìṣòro náà kò sì sí níbẹ̀.

Tò wọ́n láti kékeré sí ńlá, kó o mú èyí tó bọ́ sí àárín: 25. Ìyẹn ni ohun tí ojú aláìsàn kan láàárín wọn rí. Lẹ́yìn náà, ka àwọn tó kọjá 60: méjì nínú mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà méjèèjì ló yẹ kó wà lójú ìwé, torí ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń sọ. Bí ti àárín bá ń gòkè, iṣẹ́ ti pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Bí ti àárín bá dúró síbi kan, tí àwọn tó kọjá 60 sì ń pọ̀ sí i, ibì kan wà tí ènìyàn ti ń há. Adérẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn méjì wo nìyẹn?

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Mo lọ wo káàdì wọn. Àwọn méjèèjì ni dókítà rán lọ sí láàbù fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n tún padà wá tò sẹ́yìn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìyá Ìsirò
Ṣé o rí i? Nọ́ọ̀sì tí ọ̀gá yín mú kúrò ní ọ̀sán kò ní wo ìyẹn sàn. Bí ẹni tó ti láàbù dé ṣe ń padà sórí ìlà ni kí wọ́n tún ṣe.

Ohun tó o máa kọ sínú Google Sheets kò le. Bí òpó B bá jẹ́ ìgbà tó dé, tí C jẹ́ ìgbà tó parí, tí D sì jẹ́ ìṣẹ́jú:

```
=(C2-B2)*1440
=MEDIAN(D2:D400)
=COUNTIF(D2:D400,">60")
```

1440 yẹn ni ìṣẹ́jú tó wà nínú ọjọ́ kan, torí ìdá ọjọ́ ni Google Sheets máa ń ka aago sí. Ẹsẹ̀ kejì àti ìkẹta, ọ̀sẹ̀ kan ni kó o máa fún wọn lẹ́ẹ̀kan, má da oṣù kan pọ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó o yẹ̀ wò kó o tó fi ọkàn tán nọ́ńbà yìí. O ní nọ́ọ̀sì ló ń fi ọwọ́ kọ aago. Gba ìwé náà, kó o ka iye aago tó parí sí 0 tàbí 5, bíi 9:10, 9:15, 9:30. Bí wọ́n bá ń wo aago gan-an kí wọ́n tó kọ ọ́, á jẹ́ bíi ọ̀kan nínú márùn-ún. Bí gbogbo rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìparí iṣẹ́ ni wọ́n ń jókòó kọ ọ́ láti orí.

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Mo ka 100. 71 ló parí sí 0 tàbí 5. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi, torí ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà.

Ìyá Ìsirò
Àwọn kan lára wọn ń fi ojú díwọ̀n aago sí èyí tó súnmọ́, ìyẹn kò burú púpọ̀, ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kò ní yí 140 padà. Àwọn tí wọ́n ń kọ ní ìrọ̀lẹ́ ni ìṣòro. Tíkẹ́ẹ̀tì tí Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sọ nípa rẹ̀ ló máa yanjú ìyẹn. Kó o tó rí i rà, lẹ aago ńlá kan mọ́ ògiri ní iwájú tábìlì káàdì, kí wọ́n sì kọ aago sórí káàdì kí aláìsàn tó kúrò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wa. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba ni mo wà, a kì í ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù fúnra wa, inú DHIS2, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń kó nọ́ńbà ìlera jọ, ni nọ́ńbà wa ń lọ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù kò sí nínú kọ̀ǹpútà rárá. Ó wà lára ògiri yàrá abẹ́rẹ́ àjẹsára, a fi bíírò yà á. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí Ọ̀pẹ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà kan ń gòkè fún àwọn ọmọ tó gba Pẹ́ńtà 1, ìyẹn abẹ́rẹ́ àjẹsára Pẹ́ńtà àkọ́kọ́, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìlà kejì fún àwọn tó gba Pẹ́ńtà 3, ìkẹta rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 14. Oṣù kọ̀ọ̀kan ni a ń fi kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Àlàfo àárín ìlà méjèèjì ni àwọn ọmọ tó sọnù sójú ọ̀nà.

Nígbà tó fi di òpin oṣù kẹfà lọ́dún kan, 52 wà lórí ìlà òkè, 41 lórí ti ìsàlẹ̀. 11 nínú 52, ó lé ní 21 nínú 100. Bó bá ti kọjá 10 ni wọ́n kọ́ wa pé ká wá ìdí rẹ̀. Nígbà tí a wo àdírẹ́sì, púpọ̀ nínú àwọn 11 náà wá láti abúlé kan tí ọjọ́ ọjà rẹ̀ máa ń bọ́ sórí ọjọ́ abẹ́rẹ́ wa. A yí ọjọ́ padà fún abúlé yẹn.

Ẹnì kan wá láti ìjọba ìbílẹ̀ rí, ó ní ká ya Pẹ́ńtà 1 sórí ìwé kan, Pẹ́ńtà 3 sórí òmíràn, kó lè rí mímọ́. Mo kọ̀. Ìlà méjèèjì yóò máa gòkè, gbogbo ènìyàn yóò máa yọ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa rí àlàfo.

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Ẹ ṣeun, ma. Àwa náà ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní Tọ́sìdeè. Ṣé kí n fi kún un?

Ìyá Ìsirò
Ohun tí Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú sọ dùn mọ́ mi gan-an: nǹkan méjì tí ìyàtọ̀ wọn ló ṣe pàtàkì, orí òṣùwọ̀n kan náà ni kí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n má fi sójú ìwé ọlọ́sẹ̀. Láàárín Pẹ́ńtà 1 àti Pẹ́ńtà 3, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wà. Ọmọ tó gba ìkíní ní ọ̀sẹ̀ yìí kò tíì yẹ fún ìkẹta, nítorí náà bó o bá fi ti ọ̀sẹ̀ kan wé ọ̀sẹ̀ kan náà, wàá rí i kó máa fò sókè sódò láìnídìí, nígbà mìíràn Pẹ́ńtà 3 á tiẹ̀ pọ̀ ju Pẹ́ńtà 1 lọ. Kíkó o jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bí wọ́n ti ṣe ló mú kó dúró. Ògiri yàrá abẹ́rẹ́ ni kó o lẹ tiyín mọ́, kí nọ́ọ̀sì tó ń gún un máa rí i.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú
Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ti ìsàlẹ̀ bá sì kọjá ti òkè lórí èyí tí a kó jọ, àwọn ọmọ ti ń wá láti ibòmíràn fún ìkẹta, tàbí ẹnì kan ṣe àṣìṣe nínú ìwé. Ẹ máa kọ́kọ́ wo ìwé.

Abíọ́dún Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kílíníìkì ni èmi náà ń bá ṣiṣẹ́ níbí. Ọ̀rọ̀ kan lórí iye aláìsàn. Ẹ má fi ọfà pupa àti ọfà àwọ̀ ewé síwájú nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ yìí láti fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A ní i tẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà, Mọ́ńdè-Mọ́ńdè ni ọ̀gá wa ń pe ìpàdé nítorí ọfà pupa, tí ó sì jẹ́ pé òjò ló rọ̀ ní ọjọ́ kan. A yọ ọ́. A wá fi ìlà ọ̀sẹ̀ 24 sípò rẹ̀, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó sùn gbọọrọ sí àárín wọn, ìdajì àwọn ọ̀sẹ̀ náà wà lókè rẹ̀, ìdajì nísàlẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá tẹ̀ léra wọn lápá kan ìlà náà, a mọ̀ pé nǹkan ti yí padà ní tòótọ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló jábọ́, a ó kàn bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Túndé Ẹlẹ́kọ̀ǹpútà
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pẹ́ jù. Kílíníìkì aládàáni lè ti kógbá sílé kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Abíọ́dún Lọ́ńdọ̀nù
Bí ó bá já lójijì láti 270 sí 120, kò sí ẹni tó máa dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú lásán á rí i. Àwọn ìyípadà kékeré ni mò ń sọ, bíi láti 270 sí 255, tí àwọn ènìyàn máa ń sáré tẹ̀ lé.

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Ìbéèrè kan, ẹ̀gbọ́n Abíọ́dún. Nígbà òjò, ibà máa ń pọ̀ níbí, iye aláìsàn á sì gòkè. Ìlà àárín yẹn á máa pariwo lọ́dọọdún.

Abíọ́dún Lọ́ńdọ̀nù
Òtítọ́ ni, níbí òtútù ni tiwa. Fi ìlà ọdún tó kọjá sẹ́yìn rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má bá ti ọdún yìí du ojú. Ọ̀gá á rí i pé Okúdù máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ṣọlá Alápòògùn
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan sítọ́ọ̀. Adérẹ́kọ́ọ̀dù, kí ni ṣáàtì oògùn rẹ ń fi hàn nísinsìnyí?

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Iye páálí tó kù fún oògùn 30, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí lẹ́tà orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra.

Ṣọlá Alápòògùn
Ìyẹn ni wọ́n fi jẹ́ kí oògùn ibà tán mọ́ yín lọ́wọ́. Páálí 48 lè jẹ́ ohun ọdún kan fún oògùn kan, kó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan fún òmíràn. Ọjọ́ ni kó o fi ka, má fi páálí ka. Iye tó kù, pín in pẹ̀lú iye tó ń jáde lójúmọ́.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Jẹ́ ká mú oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti àgbàlagbà. Ká ní páálí 120 jáde nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, 48 ló kù lórí pẹpẹ. Ìwọ á pín 120 sí 30, á fún ọ ní 4 lójúmọ́. 48 pín sí 4, ọjọ́ 12. Ẹni tó ń kó o wá máa ń gba ọjọ́ 7, ọkàn rẹ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé oògùn náà tán fún ọjọ́ 10 nínú oṣù yẹn ńkọ́? Ọjọ́ 20 péré ni o fi tà á. 120 pín sí 20 jẹ́ 6 lójúmọ́, 48 á sì tó ọjọ́ 8. Òní ni kó o pè é. Oògùn tó bá tán púpọ̀ jù ni ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn máa ń fi hàn bí ẹni pé kò tà, a óò rà á díẹ̀, á sì tún tán. Torí náà, o gbọ́dọ̀ máa kọ ọjọ́ tí nǹkan tán sílẹ̀.

Ní ti títò rẹ̀, má fi lẹ́tà orúkọ tò ó. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kéré jù ni kó wà lókè. Má fi 30 hàn, mẹ́fà tó kéré jù ti tó. Ya ìlà kan síbi ọjọ́ 7, kí ọ̀pá tí kò bá dé ibẹ̀ dúdú, kí ìyókù jẹ́ àwọ̀ eérú. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé láìsí àwọ̀, á ṣì yé wọn.

Ìyá Ìsirò
Ṣọlá, o ṣeun. Mo kọ́ ti ọjọ́ tí nǹkan tán yẹn lọ́wọ́ rẹ lónìí.

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Ó ku ti gbèsè iléeṣẹ́ adójútòfò. Ó ń dùn ọ̀gá gan-an, torí àwọn owó kan ti kọjá ọjọ́ 60. Àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì náà lè ṣí ojú ìwé yìí. Ṣé kí n fi sí i?

Túndé Ẹlẹ́kọ̀ǹpútà
Fi sókè pátápátá. Láìsí owó, kò sí kílíníìkì.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú
Mi ò fara mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tó bá ń rí i lójoojúmọ́ pé iléeṣẹ́ kan jẹ gbèsè, ojú wo ló máa fi wo aláìsàn tó mú káàdì iléeṣẹ́ náà wá? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí irú wọn dúró gbẹ̀yìn.

Abíọ́dún Lọ́ńdọ̀nù
Ojú ìwé méjì. Ti owó fún ọ̀gá àti akọ̀wé owó nìkan.

Ìyá Ìsirò
Ẹ̀rù ojú ìwé méjì ń bà mí, torí fóònù kan náà ni, ẹni tó ṣí ọ̀kan lè má ṣí ìkejì. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mi ò ní ìdáhùn tó dá mi lójú lórí ìyẹn. Bi ọ̀gá rẹ.

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Mo padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó ṣe wà lójú fóònù ọ̀gá báyìí nìyí. Òkè pátápátá ni gbólóhùn kan tí mo ń fi ọwọ́ kọ ní gbogbo Mọ́ńdè, bíi “Ìdúró: 26. Àwọn tó kọjá wákàtí kan: 19 nínú 258, 15 nínú wọn ti láàbù.” Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà ìdúró ti ọ̀sẹ̀ 24, pẹ̀lú ọ̀pá kúkúrú nísàlẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kọjá 60, ọ̀sẹ̀ kan náà ló tọ́ síra wọn. Ìyẹn ló kún ojú fóònù. Bó bá tì í sókè, á rí oògùn mẹ́fà. Bó bá tún tì í, á rí iye aláìsàn pẹ̀lú ti ọdún tó kọjá. Ó tán. Mo yọ ti gbèsè sínú ìwé ọ̀tọ̀, mo ń fi ránṣẹ́ sí i lórí Wáàsáàpù ní Fúráìdeè.

Mọ́ńdè àkọ́kọ́ ló pè mí, ó ní “Àwọn 15 yìí, kí ni láàbù ń ṣe fún wọn?” Òun àti ọ̀gá láàbù jókòó sọ ọ́. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ti láàbù dé ń gba káàdì aláwọ̀ ọsàn, kì í tò mọ́, òun ni dókítà máa pè tẹ̀lé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 15 yẹn di 11. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n Abíọ́dún á ní kí n dúró kí n tó yọ̀.

Abíọ́dún Lọ́ńdọ̀nù
Dúró díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ìyá Ìsirò
Wo àwọn tí kì í lọ láàbù náà. Bí ti láàbù bá ń gbapò wọn, ìdúró ti àárín lè gòkè láti 26. Jẹ́ kí méjèèjì wà níbẹ̀.

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Ó ti di 28. Mo rò pé kò tó nǹkan, àmọ́ mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe ni Sátidé. Ìdajì ọjọ́ la fi ń ṣiṣẹ́, dókítà kan ló wà, ìdúró sì máa ń gùn gan-an. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nínú ìlà, àbí kí n fún un ní ìlà tirẹ̀?

Ṣọlá Alápòògùn
Má yọ ọ́. Sátidé kọ́ ni oògùn ibà tán mọ́ yín lọ́wọ́?

Ìyá Ìsirò
Má tíì fún un ní ìlà. Aláìsàn mélòó ló ń wá ní Sátidé kan?

Adérẹ́kọ́ọ̀dù
Bíi 18 sí 25. Màá ka ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, màá sì gbé e síbí.